Ọfà Ni Àmì Ohùn Àwòrán: Bí A Ṣe Túmọ̀ Ìbéèrè Gáàsì Kan

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ní sáà yìí rọrùn láti gbọ́, ó sì le láti ṣe. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni mẹ́ta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé ibi ìdáhùn tó tọ́, ìtumọ̀ náà yè. Bí wọn kò bá dé ibẹ̀, òdo ni, bí Yorùbá inú rẹ̀ ìbáà dùn bí oyin. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ tiwa, a sì mú ìbéèrè kan tó dá lórí gáàsì, nítorí pé àwòrán rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ju ìlà márùn-ún lọ.

Ohun tí ìbéèrè náà sọ nìyí. Gáàsì kan wà nínú sílíńdà tí písítìn dí lẹ́nu. Níbi tí wọ́n pè ní A, gáàsì náà gba àyè lítà 2, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ kílópásíkà 100. Wọ́n di písítìn mú kí ó má lè yẹ̀, wọ́n sì fi iná yá gáàsì náà títí ìfúnpá rẹ̀ fi gòkè dé 400. Ibẹ̀ ni B. Láti B, wọ́n jẹ́ kí gáàsì náà máa fẹ̀, ó ń ti písítìn jáde, ìfúnpá rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà tó tọ́ gbọnrangandan, títí ó fi gba àyè lítà 6 tí ìfúnpá sì padà sí 100. Ibẹ̀ ni C. Níkẹyìn wọ́n ń mú un tutù, wọ́n sì ń ti písítìn padà wọlé, ìfúnpá kò kúrò ní 100, títí gbogbo rẹ̀ fi padà sí A. Ìwé náà wá béèrè iṣẹ́ àyípo náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan síwájú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa.

Kí a tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ìlà méjì ló gbé e dúró. Èyí tó dúró lóròó ń sọ ìfúnpá, ìyẹn bí gáàsì ṣe ń ti ara sílíńdà le tó. Èyí tó sùn ní ìbú ń sọ àyè tí gáàsì gbà. Àmì kan ṣoṣo lórí àwòrán, bíi A, jẹ́ ipò tí gáàsì wà ní ìṣẹ́jú kan. Ìlà tó so àmì kan mọ́ òmíràn ni ọ̀nà tí gáàsì gbà lọ. Bí ẹ bá ya tiwa, ẹ ó rí i pé onígun mẹ́ta ni: ìlà kan tó gòkè ṣánṣán láti A sí B, ìlà kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti B sí C, àti ìlà kan tó sùn nílẹ̀ láti C padà sí A.

Irú àwòrán yìí kò ti orí pátákó ìkọ̀wé wá. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ya á. Ní 1796, John Southern, tó ń bá James Watt ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so pẹ́ńsù mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Bí ìfúnpá inú sílíńdà bá gòkè, pẹ́ńsù á gòkè. Bó bá lọ sílẹ̀, pẹ́ńsù á tẹ̀lé e. Pátákó tí ìwé wà lára rẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀, bí písítìn ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá yí ẹ̀ẹ̀kan, pẹ́ńsù á ti ya ìlà kan tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Watt àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pa á mọ́ bí àṣírí ìdílé, nítorí pé láti ara ojú tí ìlà yẹn yí ká ni wọ́n ti ń mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó di 1834, Émile Clapeyron ti ilẹ̀ Faransé ló fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé èrò tí Sadi Carnot ti kọ sínú ìwé ní 1824, láti ìgbà náà ló sì ti di ti àwọn oníwèé.

Kí ló dé tí ojú tó wà nínú àwòrán fi jẹ́ iṣẹ́? Ẹ fọkàn sí písítìn. Nínú físíìsì, iṣẹ́ ni agbára tí a fi ti nǹkan, ní ìlọ́po ọ̀nà tí nǹkan náà rìn. Agbára tí gáàsì fi ń ti písítìn ni ìfúnpá rẹ̀ ní ìlọ́po fífẹ̀ ojú písítìn. Fífẹ̀ ojú písítìn ní ìlọ́po ọ̀nà tó rìn kì í sì í ṣe nǹkan mìíràn ju àyè tuntun tí gáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Nítorí náà, bí ìfúnpá kò bá yí padà, iṣẹ́ gáàsì ni ìfúnpá ní ìlọ́po ìyípadà àyè:

W = P × ΔV

Lórí àwòrán, P ni gíga, ΔV ni ìbú, gíga ní ìlọ́po ìbú sì ni ojú onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá ti bá àwọn ayálẹ̀ lọ wọn ilẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ gáàsì ni ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlà tó gbà kọjá, láti ìlà náà títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ìfúnpá ti jẹ́ òdo.

Ìwọ̀n tí a lò tún ṣe wá lóore níbí. Kílópásíkà 1 ní ìlọ́po lítà 1 jẹ́ júùlù 1 gan-an, kò lé, kò dín. Nítorí náà a kò ní láti yí nǹkan kan padà. Ẹni tó bá sọ kílópásíkà di pásíkà, tó wá fi lítà sílẹ̀ bó ṣe wà, á rí iye tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti òótọ́ lọ. A ó sọ bí ènìyàn ṣe lè dá irú rẹ̀ mọ̀ tí a bá ti rí ìdáhùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a rìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti A sí B, ìfúnpá gòkè ní ìlọ́po mẹ́rin, iná ń jó, sílíńdà gbóná, ṣùgbọ́n písítìn kò sún ìka kan. Ohun tí kò bá rìn, a kò lè sọ pé a ti í dé ibì kan. Ìyípadà àyè jẹ́ òdo, iṣẹ́ sì jẹ́ òdo. Lórí àwòrán, ìlà tó gòkè ṣánṣán kò ní ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Láti B sí C, gáàsì fẹ̀ láti lítà 2 sí 6, ìyẹn lítà 4. Ìfúnpá kò dúró lójú kan, ó ń ti 400 bọ̀ wá sí 100. Nítorí pé ìlà náà tọ́, a lè mú ìfúnpá àárín, ìyẹn ìdajì àpapọ̀ 400 àti 100, tí í ṣe 250. Iṣẹ́ jẹ́ 250 × 4, ìyẹn júùlù 1000. Gáàsì ló ṣe é, nítorí òun ló ń ti písítìn jáde.

Láti C sí A, ìfúnpá dúró ní 100, àyè sì dín láti 6 sí 2, ìyẹn lítà 4 pẹ̀lú. 100 × 4 jẹ́ 400. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe gáàsì ló ń ti písítìn lọ. Ẹni tó wà níta ló ń tì í wọlé, gáàsì sì ń kọ̀ fún un. Àyè dín kù, ΔV jẹ́ −4, iṣẹ́ gáàsì sì jẹ́ −400.

Bí a bá wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 0 + 1000 − 400 jẹ́ júùlù 600. Ẹ wo ojú onígun mẹ́ta náà fúnra rẹ̀: ìdí rẹ̀ jẹ́ 4, gíga rẹ̀ láti 100 dé 400 jẹ́ 300, ìdajì 4 × 300 sì jẹ́ 600. Ọ̀nà méjì, ìdáhùn kan. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlà òkè ni 1000, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ ni 400, ohun tó kù nígbà tí a bá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè sì ni ilẹ̀ tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ká.

Ṣé 600 tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó pọ̀ jù? Ẹ fi àpò sìmẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Láti gbé e sókè mítà 1, ó gba júùlù 490. Nítorí náà júùlù 600 á gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan sókè díẹ̀ ju mítà kan lọ, ìyẹn láti ilẹ̀ dé àyà àgbàlagbà. Ìyẹn bá ojú mu fún sílíńdà tí kò ju kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé júùlù 600,000 ni, ohun tó ń sọ ni pé sílíńdà yẹn, nígbà tó yí ẹ̀ẹ̀kan péré, gbé àpò sìmẹ́ǹtì sókè ju kìlómítà kan lọ. Ẹ sọ fún un kó padà lọ wo ìwọ̀n tó lò.

Ìṣirò náà kò ṣòro. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí a ó ṣe bi ìbéèrè náà léèrè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó wà níwájú iṣẹ́ yẹn, bí ẹ bá wá a nínú ìwé atúmọ̀, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni àwọ̀n, àwọ̀n apẹja àti àwọ̀n ẹ̀fọn. A lọ wo ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ti èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé yẹn, kò bá gáàsì dé sílíńdà. Ó di dandan kí a wá ọ̀rọ̀ tiwa.

A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ̀yà ìtumọ̀ méjì. Ẹ̀yà kìn-ín-ní lọ ní ṣókí bí ti Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn béèrè "àpapọ̀ iṣẹ́ inú àyípo yìí". A fẹ́ mọ ohun tí òǹkàwé á fi ṣe. A gbé e fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní ilé ìgbé wa: ọ̀kan ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀kan ń kọ́ físíìsì, ọ̀kan ń kọ́ kẹ́mísírì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìdáhùn mẹ́ta ló dé ọwọ́ wa: 1000, 600, àti −600.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí òpè nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó kọ 1000 sọ fún wa pé a ní kó wá àpapọ̀ iṣẹ́, ibi kan ṣoṣo sì ni gáàsì ti ṣiṣẹ́, láti B sí C. Ní A sí B, kò ṣe nǹkan kan. Ní C sí A, wọ́n ń tì í ni, ta ni wọ́n ń tì tí a ó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́? "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́," ó ní, "bí wọ́n bá ń ti ọkọ̀ yín ní ojú pópó, ṣé ọkọ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kódà ó jẹ́ òótọ́ nínú Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó wá dákẹ́. Kí písítìn tó lè jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé padà, ẹnì kan ló sì máa ti ń tì í wọlé. Nínú ẹ̀rọ gidi, láti ara iṣẹ́ tí gáàsì ti ṣe ṣáájú ni a ti ń yọ èyí tí a fi ń tì í padà, bóyá nípasẹ̀ kẹ̀kẹ́ wúwo tó ń yí lọ. Iye tó jáde ni 1000. Iye tó padà wọlé ni 400. Kò sí bí a ṣe lè ná 1000 yẹn tán.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọjà ti gbà wá. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà mọ̀ pé owó tó wà nínú igbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe èrè. Bó bá ta ẹgbẹ̀rún náírà, tí irínwó náírà jẹ́ owó ọjà tí ó gbọ́dọ̀ fi ra òmíràn lọ́la, ẹgbẹ̀ta náírà ni èrè rẹ̀. Bó bá jẹ ẹgbẹ̀rún náà tán, kò ní sí ẹ̀wà lọ́la. Ohun tí ìwé náà ń béèrè ni èrè àyípo, kì í ṣe owó inú igbá. Ọ̀rọ̀ náà "àpapọ̀" ló ṣi ọ̀rẹ́ wa lọ́nà, nítorí pé etí Yorùbá gbọ́ ọ bí kíkó jọ, kò gbọ́ ìyọkúrò nínú rẹ̀. A fi "iṣẹ́ àṣẹ́kù" rọ́pò rẹ̀: iṣẹ́ tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá ti yọ ti àbọ̀ kúrò nínú ti àlọ.

Èrè yìí náà ní ibi tó ti ń wá, àwòrán sì fi í hàn kedere. Ẹ dúró ní lítà 4, ní àárín ọ̀nà. Nígbà tí gáàsì ń lọ, tó gba ibẹ̀ kọjá, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 250. Nígbà tó ń bọ̀, tó tún gba ibẹ̀ kan náà kọjá, 100 ni. Òun fi 250 ti písítìn, wọ́n fi 100 tì í padà. Ibi gbogbo láàárín lítà 2 àti 6 ló rí bẹ́ẹ̀: ìlà àlọ wà lókè ìlà àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé gáàsì gbóná nígbà tó ń lọ, ó sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tì í padà lórí ìlà kan náà tó gbà lọ, láti C sí B, ilẹ̀ kankan kò ní sí láàárín, júùlù 1000 tó jáde ni júùlù 1000 tó máa wọlé, èrè á sì di òdo.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ −600. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá gbádùn tirẹ̀ jù. Ó ṣí ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ fún wa. Nínú ìwé yẹn, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ìyípadà agbára inú gáàsì jẹ́ ooru tó wọlé pẹ̀lú iṣẹ́, ΔU = Q + W, W yẹn sì ni iṣẹ́ tí ará ìta ṣe sí gáàsì. Nínú ìwé físíìsì tí àwa lò, ΔU = Q − W ni, W sì ni iṣẹ́ tí gáàsì ṣe sí ará ìta. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tó jẹ́ 600 lójú ọ̀kan jẹ́ −600 lójú èkejì, bí owó tí mo san fún ọ ṣe jẹ́ ìnáwó fún mi tó sì jẹ́ owó tó wọlé fún ọ. Ọ̀rẹ́ wa kò ṣì í. Ìbéèrè ló dákẹ́, kò sọ ẹni tó ni iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti sọ ọ̀rọ̀ tó di orí àròkọ yìí. Ó ní ẹ wò ó, iṣẹ́ àti ìṣẹ́, lẹ́tà kan náà ni. Bí ẹ bá yọ àmì ohùn kúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni dí ni àbí òṣì ló ń ta á. Ọfà tó wà lórí àwòrán gáàsì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ yọ ọfà kúrò lára onígun mẹ́ta wa, ojú rẹ̀ á ṣì jẹ́ 600, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń fún yín ní iṣẹ́ ni àbí èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ọfà bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tí ó gba òkè lọ sí apá ọ̀tún, tó sì gba ìsàlẹ̀ padà, gáàsì ló ṣe iṣẹ́ àṣẹ́kù, 600 ni. Bí a bá yí ọfà padà, A sí C, C sí B, B sí A, gáàsì á fẹ̀ lórí ìlà ìsàlẹ̀, á ṣe iṣẹ́ 400, wọ́n á sì fi 1000 tì í padà lórí ìlà òkè. Èrè gáàsì á di −600. Irú àyípo tó yí sí òdì bẹ́ẹ̀ ni ti fíríìjì: a ń fi iṣẹ́ sí i kó lè máa kó ooru jáde láti inú ibi tó tutù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn máa ń sáré wọn ojú onígun mẹ́ta, wọ́n á kọ 600, wọ́n á pa ìwé dé. Ojú ilẹ̀ kì í ní àmì ìyọkúrò, ọfà ló ní in. Ẹni tó bá fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú, kí ó béèrè ìbéèrè kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ta ló ń ti ta? Bí gáàsì bá ń ti písítìn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tó wọlé fún gáàsì. Bí písítìn bá ń ti gáàsì, kó yọ ọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó sún, òdo. Yorùbá kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ "tì" lásán láìdárúkọ ẹni tó tì àti ohun tí a tì, ohun tí ìbéèrè yìí sì nílò nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti yẹ ìdáhùn wò, ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ físíìsì ló fi hàn wá. Nígbà tí gáàsì bá padà sí A, gbogbo nǹkan rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà, títí kan agbára tó wà nínú rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ooru àṣẹ́kù. Ó ní kí a ṣebí híílíọ̀mù ni gáàsì náà. Agbára inú híílíọ̀mù jẹ́ 1.5 × P × V, ìyẹn 300 ní A, 1200 ní B, 900 ní C. Láti A sí B, agbára lé ní 900, iṣẹ́ kò sí, ooru tó wọlé jẹ́ 900. Láti B sí C, agbára dín ní 300, gáàsì sì ṣe iṣẹ́ 1000, nítorí náà ooru tó wọlé lápapọ̀ ní ẹsẹ̀ yìí jẹ́ 700. Láti C sí A, agbára dín ní 600, wọ́n sì tún fi iṣẹ́ 400 kún un, nítorí náà ooru tó jáde jẹ́ 1000. 900 + 700 − 1000 jẹ́ 600. Bí gáàsì bá jẹ́ òmíràn, ooru ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á yí padà, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù wọn kò ní kúrò ní 600.

Ìkìlọ̀ kan péré ló kù. Ìfúnpá àárín tí a lò láti B sí C, nítorí pé ìlà náà tọ́ ló ṣe ṣeé lò. Kì í ṣe gbogbo àyípo ló ní ìlà tó tọ́. Ká ní láti B, wọ́n jẹ́ kí gáàsì fẹ̀ láìjẹ́ kí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ yí padà títí ìfúnpá fi di 100. Àyè rẹ̀ á dé lítà 8, ìlà rẹ̀ á sì rọ̀ sílẹ̀ láàárín bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. Ẹni tó bá lo ìfúnpá àárín á kọ 250 × 6, ìyẹn 1500. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ okùn tó rọ̀ kéré sí èyí tó wà lábẹ́ okùn tó le. Ìṣirò tó tọ́ ni

W = P × V × ln(8/2) = 400 × 2 × ln 4

tó jẹ́ júùlù 1109. Bí wọ́n bá wá tì í padà láti lítà 8 sí 2 ní ìfúnpá 100, ìyẹn 600, iṣẹ́ àṣẹ́kù á jẹ́ 509, kì í ṣe 900. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, kí a kọ́kọ́ wo bí ìlà ṣe rí. Bó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ìdáhùn tó tọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ti ìlà tó tọ́.

Ẹ̀yà kejì ni a fi sílẹ̀ fún olùkọ́. A kò fi í fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ti mọ ìdáhùn. Àwọn mẹ́ta mìíràn la fún, láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta kan náà. Ọ̀kan lo ẹsẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjì yòókù wọn ojú onígun mẹ́ta, wọ́n sì wo ọfà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ 600, ọmọ kẹ́mísírì pàápàá, tó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ni iṣẹ́, tó sì rí i kà. Bí ìbéèrè náà ṣe parí nìyí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti ń kọ́ni níta, ẹ gbà á lò bó bá wúlò fún yín, bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "àṣẹ́kù" lọ, a ń retí rẹ̀:

Gáàsì náà lọ láti A sí B, láti B sí C, ó sì padà láti C sí A, bí ọfà ṣe fi hàn. Nígbà mìíràn gáàsì ló ń ti písítìn, nígbà mìíràn písítìn ló ń ti gáàsì. Bí a bá yọ iṣẹ́ tí písítìn ṣe sí gáàsì kúrò nínú iṣẹ́ tí gáàsì ṣe sí písítìn, júùlù mélòó ni iṣẹ́ àṣẹ́kù tí gáàsì ṣe ní odindi àyípo kan?